Àgbéyẹ̀wò: Sọ́fítíwìà ọ́dà tó ń fi réètì ọjọ́ títà pamọ́, fún ẹni tó ń gba náírà, pọ́n-ùn àti sẹ́fà

Ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn ta aṣọ òkè àti àdìrẹ fún àwọn ará wa ní London àti Kútọnu, oríṣi owó mẹ́ta ló máa ń wọ inú ìwé rẹ̀. Sọ́fítíwìà tí a lò tẹ́lẹ̀ ń gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oníbàárà kì í sì í rí wàhálà kankan. Ìròyìn òpin oṣù ni ẹjọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Réètì kan péré ló ní fún pọ́n-ùn. Bí ẹ bá yí i lónìí, gbogbo ohun tí ẹ ti tà láti èṣí ni yóò bá a yí. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2023, tí dọ́là kúrò ní nǹkan bíi ₦470 tó sì kọjá ₦600 lọ́jọ́ kan náà, ọjà tí a tà ní oṣù kìíní dédé sanra nínú ìròyìn wa. Ẹnikẹ́ni ò sì ra nǹkan kún un. Akáǹtáǹtì ti tẹ ìwé oṣù kìíní, ó ti fọwọ́ sí i, ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sì yàtọ̀ sí ti ọwọ́ rẹ̀.

Ìdí tí a fi wá òmíràn nìyẹn. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, nítorí mo ní ẹjọ́ láti bá wọn rò níwájú, ṣùgbọ́n ohun tí mo yẹ̀ wò nínú rẹ̀, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò nínú èyíkéyìí tí wọ́n bá fẹ́ tà fún yín.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo gbé ọ́dà kan jáde gẹ́gẹ́ bíi fáìlì, kí n lè rí ohun tó ń kọ pamọ́ gan-an:

```
order_currency: GBP
order_total: 120.00
base_currency: NGN
rate: 1900.000000
rate_source: manual
rate_at: 2024-06-14 09:12
base_total: 228000.00
```

Aṣọ mẹ́ta ní £40 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Réètì wà nínú ọ́dà fúnra rẹ̀, kì í ṣe pé ó ń lọ wò ó níbòmíràn nígbà tí ẹ bá béèrè. Ó tún kọ iye tí náírà jẹ́ sílẹ̀, ó kọ àkókò, ó sì kọ ibi tí réètì ti wá. `manual` túmọ̀ sí pé àwa la fọwọ́ wa gbé e kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Láti dán an wò, mo yí réètì pọ́n-ùn sí 5,000, mo sì ṣí ìròyìn oṣù tó kọjá. Kọ́bọ̀ kan ò mì. Ẹ dán èyí wò kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni; kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ó sì ń tú àṣírí kíákíá. Àmọ́ ẹ má gbàgbé láti dá réètì padà kí oníbàárà tó wọlé o.

Ẹ tún wo ìhà tí wọ́n kọ réètì náà sí. Èyí kọ ọ́ pé pọ́n-ùn kan jẹ́ ₦1,900, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Òmíràn tí a yẹ̀ wò kí a tó mú èyí ń kọ ọ́ ní òdìkejì, ìyẹn iye pọ́n-ùn tó wà nínú náírà kan, tí í ṣe 0.000526316. Nọ́ńbà mẹ́rin péré ló sì ń fi pamọ́ lẹ́yìn àmì, nítorí náà 0.0005 ló kù nínú rẹ̀. Ẹ sọ ₦228,000 di pọ́n-ùn pẹ̀lú ìyẹn, £114 ni yóò fún yín. £6 ti wọgbó. Kódà tó bá jẹ́ mẹ́fà ló fi pamọ́, £119.93 ni yóò jáde, akáǹtáǹtì yóò sì máa wá pẹ́nì méje kiri.

Ibi tí ó ti wù mí jù ni dídá owó padà. Nínú ọ́dà òkè yẹn, oníbàárà dá aṣọ kan padà nínú oṣù keje, nígbà tí pọ́n-ùn ti di ₦2,050 lọ́dọ̀ wa. £40 ló san, £40 náà ló gbọ́dọ̀ gbà. Kò kàn án bí náírà bá ṣubú. Sọ́fítíwìà yìí yọ ₦76,000 kúrò nínú títà, nítorí réètì ọjọ́ tí a tà á, 1,900, ló lò. Ṣùgbọ́n ₦82,000 ni a fi ra £40 tí a fi ránṣẹ́. ₦6,000 tó jẹ́ ìyàtọ̀, ó kọ ọ́ sí ojú ìwé tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àdánù pàṣípààrọ̀. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Bó bá yọ ₦82,000 kúrò nínú títà, yóò dà bíi pé aṣọ náà wọ́n ju iye tí a tà á lọ, èrè orí aṣọ méjì yòókù yóò sì dín kù láìnídìí.

Ti sẹ́fà kò gùn. Sẹ́fà kò ní kọ́bọ̀. Àwọn ilé ìsanwó sábà máa ń fẹ́ kí a fi iye ránṣẹ́ ní ẹyọ tó kéré jù, £40 á di 4000, ṣùgbọ́n 18,500 sẹ́fà gbọ́dọ̀ dúró ní 18500. Sọ́fítíwìà tó bá ń fi ọgọ́rùn-ún sọ gbogbo owó di púpọ̀ yóò bi ará Kútọnu ní 1,850,000. Èyí mọ̀ ọ́n, mo fi ọ́dà kékeré dán an wò.

Ẹjọ́ mi wàyí. Réètì kan péré ni ọ́dà kan lè ní, ìgbà tí oníbàárà bá tẹ bọ́tìnì ni ó sì ń tì í. Fún ẹni tó fi káàdì san lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n aṣọ ẹbí kì í lọ bẹ́ẹ̀. Ìyá ìyàwó á san ìdajì ní pọ́n-ùn kí a lè fi ra òwú, á san ìyókù nígbà tí aṣọ bá délẹ̀, oṣù méjì lè wà láàárín. Réètì ti owó ìkẹyìn kì í ṣe ti àkọ́kọ́. Sọ́fítíwìà ń ka méjèèjì sí réètì àkọ́kọ́, kò sì sí àyè láti kọ réètì ọjọ́ tí owó kejì wọlé. Títà lè dúró sí réètì ọjọ́ títà, mo gbà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kí ìyàtọ̀ sì bọ́ sójú ìwé èrè àti àdánù pàṣípààrọ̀, bó ṣe ń ṣe fún owó tí a dá padà.

Mo kọ̀wé sí wọn. Wọ́n fèsì pé kí a máa fi ìsanwó kejì ṣe ọ́dà tuntun. A ń ṣe é, ó sì ń bọ́ sí i, àmọ́ ọ́dà kan ti di méjì, nọ́ńbà rẹ̀ ò bára mu, àwọn tó ń di ẹrù sì ti béèrè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ṣé káwọn di aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì ni. Ní báyìí, a máa ń kọ nọ́ńbà ọ́dà àkọ́kọ́ sí àyè àkíyèsí ti èkejì, a sì ń kọ òdo sí àyè iye ẹrù rẹ̀. Ẹni tí kì í gba owó ní ìdajì-ìdajì, kó mú un láìronú. Ẹni tó bá ń ta aṣọ ẹbí, kó béèrè lọ́wọ́ wọn ná bóyá wọ́n ti tún ibẹ̀ ṣe.