Oṣù mẹ́fà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìpamọ́ fáìlì ní ilé-iṣẹ́ fọ́tò wa

Àwa mẹ́rin ni a ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ fọ́tò kékeré wa ní Ìbàdàn. Tẹ́lẹ̀, inú kọ̀ǹpútà oníkálukú ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń wà, tí oníbàárà bá sì wá béèrè fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀, a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ra ẹ̀rọ ìpamọ́ tí a ń fi wáyà so mọ́ ráútà. Dísíìkì méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ tẹrabáìtì 4, ni mo fi sínú rẹ̀, mo sì yan RAID 1, èyí tí ó ń kọ ohun kan náà sórí méjèèjì, nítorí náà ààyè dísíìkì kan ṣoṣo ni a rí lò. Bí dísíìkì kan bá bàjẹ́, iṣẹ́ kò ní dúró, ṣùgbọ́n fáìlì tí ènìyàn bá pa rẹ́ yóò kúrò lórí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí ni mo ṣe so dísíìkì kẹta mọ́ ọn láti ìta, tí ẹ̀rọ yóò máa dà iṣẹ́ kọ sórí rẹ̀ lójoojúmọ́.

Aago méjì òru ni mo kọ́kọ́ fi í sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo wo dísíìkì ìta, mo rí i pé kò sí fáìlì tuntun kankan níbẹ̀: a máa ń pa jẹnẹrétọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, cron, ètò tí ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àsìkò tí a bá dá fún un, kì í sì í padà ṣe iṣẹ́ tí àsìkò rẹ̀ bá ti kọjá. Mo wá gbé e sí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán:

```
30 13 * * * mountpoint -q /backup && rsync -a --delete --backup --backup-dir=/backup/atijo/$(date +\%F) /volume1/foto/ /backup/foto/
```

Apá àkọ́kọ́ ń rí i dájú pé dísíìkì ìta wà lójú rẹ̀. `--backup-dir` ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ohun tí a bá pa rẹ́ tàbí tí a bá yí padà kì í parẹ́ pátápátá. Inú fóldà ọjọ́ náà ni yóò bọ́ sí. Ẹ má gbàgbé `\` tí ó ṣáájú `%`, nítorí pé láìsí i, cron yóò gé àṣẹ náà síbẹ̀.

Ní oṣù kejì, ọmọ iṣẹ́ wa ṣèèṣì pa fóldà ìgbéyàwó kan rẹ́ ní òwúrọ̀, a kò sì mọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti ṣe iṣẹ́ ọ̀sán rẹ̀. Inú `atijo` ni mo ti rí gbogbo rẹ̀ pé. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà, èmi ni mo fún gbogbo wa ní àkántì kan ṣoṣo. Nísinsìnyí, oníkálukú ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀: ọmọ iṣẹ́ lè wo iṣẹ́ tí ó ti parí, kò lè pa á rẹ́, àkántì alábòójútó sì wà lọ́wọ́ èmi nìkan. Nígbà tí mo ń dán an wò, Windows kọ̀ fún mi, nítorí pé kì í gba orúkọ méjì fún ẹ̀rọ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà; `net use * /delete` ni mo fi já ti àkọ́kọ́ kúrò.

Ohun tí ó kù tí n kò fẹ́ràn ni pé fóldà `atijo` ń kún, kò sì ń tú ara rẹ̀ dànù, nítorí náà ọwọ́ ni mo fi ń pa èyí tí ó ti lé ní oṣù mẹ́ta rẹ́.