Ó Le Kú: ká kà á ni, àbí ká wò ó?

Ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá jáde ní 1974. Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997. Ìwé lè sọ ohun tí Àjàní ń rò nípa àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tó ń fẹ́, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé, fún wa. Kámẹ́rà ò lè wọnú ọkàn, ojú àti ẹnu òṣèré ló kù.

Aṣọ wá ńkọ́? Òǹkàwé 1974 ti mọ ìró péńpé, kò nílò àlàyé. Òǹwòran 1997 ní láti fojú rí i. Bí wọ́n ṣe rí i tán, ó di ọ̀dọ̀ télọ̀: “Ẹ bá mi rán oléku!”

Bó bá jẹ́ adùn èdè lẹ ń wá, ẹ ka ìwé. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí màmá yín rántí ìgbà èwe wọn, fíìmù ni.