Ìkìlọ̀ o! Pọ́ǹpù tí wọ́n tà fún mi fún ṣáwà, ayédèrú ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé pọ́ǹpù tó lágbára "wan họ́ọ̀sì" lẹ nílò kí omi tó lè jáde dáadáa ní ṣáwà, ẹ gbé báàgì yín, kí ẹ jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Olè ni. Bí kì í bá ṣe olè, kò mọṣẹ́, ọ̀kan náà sì ni méjèèjì já sí fún ẹni tí owó rẹ̀ ti lọ. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé n'Íbàdàn. Orí irin ni tánkì wa wà lẹ́yìn ilé, ìdí rẹ̀ kò sì fi ju mítà 2 lọ ga ju orí ṣáwà òkè lọ. Gíga mítà 10 ló ń fún omi ní agbára báà 1, nítorí náà báà 0.2 péré ló ń dé balùwẹ̀ mi. Omi á máa ṣẹ́ bí ìgbà tí ọmọdé ń tọ̀. Hítà ara ògiri kì í tan rárá, torí omi tó ń kọjá nínú rẹ̀ kò lágbára tó láti ti súìṣì rẹ̀. Nísàlẹ̀ ilé, kò sí wàhálà kankan. Òkè nìkan ni.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ìbéèrè méjì ló yẹ kó bi mí: báwo ni tánkì ṣe ga ju ṣáwà lọ sí, àti pé balùwẹ̀ mélòó ló máa ń lo omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin tó ta pọ́ǹpù fún mi kò béèrè ọ̀kankan. Ó kàn fọwọ́ lu pọ́ǹpù pupa kan, ó nàka sí ohun tí wọ́n kọ sí i lára, H.max 50 m. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wò ó, mítà 50! Omi á máa nà yín lẹ́gba ni." Èmi náà sì ń rẹ́rìn-ín, mo ń ka owó fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo béèrè! Ṣọ́ọ̀bù kejì tí mo yà, ohun kan náà ni wọ́n sọ. Àṣé ọ̀rẹ́ ni wọ́n.

Ibi tí ẹ̀tàn wà gan-an nìyí. H.max ni gíga tí pọ́ǹpù lè ti omi dé nígbà tí omi kò bá jáde rárá. Q.max ni iye lítà tó ń gbé jáde ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí kò bá sí gíga kankan níwájú rẹ̀. Méjèèjì kì í ṣẹlẹ̀ pọ̀ láéláé, àmọ́ wọ́n á kà wọ́n fún ẹ bíi pé wọ́n jọ ń rìn ni. Ṣáwà kan ń lo nǹkan bí lítà 10 ní ìṣẹ́jú kan, báà 1 sì tó o láti fi wẹ̀ dáadáa. Ohun tí mo nílò, pọ́ǹpù tó máa fún mi ní lítà 10 ní gíga mítà 10 ni. Ẹ mú pọ́ǹpù kékeré tí wọ́n kọ H.max 15 m àti Q.max 30 l/min sí lára. Bí a bá fojú bù ú lọ́nà tó le jù, ní mítà 10, ìdá kan nínú mẹ́ta omi rẹ̀ ló ṣẹ́ kù, lítà 10 nìyẹn. Ó ti parí! Pọ́ǹpù tí kò ju wáàtì 100 sí 160 lọ, tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé, tí ariwo rẹ̀ kò sì tó ti fáànù. Èyí tó tà fún mi, pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń fa omi kànga sínú tánkì ni!

Pílọ́ḿbà tí ọlọ́jà náà fúnra rẹ̀ pè wá, ó tún ba ọ̀rọ̀ jẹ́ sí i. Ó kan pọ́ǹpù náà mọ́ ògiri tó wà lẹ́yìn ibùsùn mi. Páìpù ínṣì 1 ló ń bọ̀ láti tánkì, ó sì sọ ọ́ di 1/2 kó tó wọnú pọ́ǹpù, torí pé ohun tó kù nínú báàgì rẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe tan iná sí i, ògiri ń gbọ̀n, pọ́ǹpù ń han gooro, ó ń ta kàkàkà nínú. Mo ní kí ló ń dún báyìí? Ó ní ó ń "sẹ́tù" ni. Irọ́! Ebi omi ló ń pa á: páìpù tó ń gbé omi wọlé ti kéré jù, ohun tó ń ta kàkàkà yẹn ló sì ń jẹ pọ́ǹpù láti inú. Táàpù kan tó ń kán tún wà, nítorí náà lóru, yóò tan, yóò kú, yóò tan, yóò kú. Bàbá àwọn ọmọ kó lọ sùn sí pálọ̀. Lẹ́yìn náà páìpù rírọ̀ abẹ́ bésìnì já, omi sọ kápẹ́ẹ̀tì di odò, kò sì pẹ́ sígbà náà ni pọ́ǹpù rú èéfín.

Ọmọ tó ń rì-wáyà ládùúgbò ló tú u. Ó kọ́kọ́ ṣí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pẹ̀lú èékánná lásán: lébẹ́ẹ̀lì mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, háàfù họ́ọ̀sì! Ó wá fi ọ̀bẹ họ wáyà inú rẹ̀ tó ń dán pupa. Funfun ni abẹ́ rẹ̀. Alumíníọ̀mù tí wọ́n kùn ní àwọ̀ bàbà. Èmi tó sanwó wan họ́ọ̀sì oníbàbà! Mo ti dàgbà tó láti mọ̀, ojú ń tì mí, àmọ́ ta ló ń tú mọ́tọ̀ wò kó tó ra á?

Ẹ yára gbọ́ ohun tí mo wá mọ̀. Ẹ gbé pọ́ǹpù sún mọ́ tánkì, sí ìsàlẹ̀ ojú omi rẹ̀, kí omi máa ṣàn wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Páìpù tó ń wọlé kò gbọdọ̀ kéré ju ẹnu pọ́ǹpù lọ. Ẹ fi rọ́bà nípọn sí abẹ́ rẹ̀, kí páìpù rírọ̀ wà lápá méjèèjì, ẹ má sì kàn án mọ́ ògiri yàrá ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣe páìpù àyípo tó ní fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà, kí ẹ lè rí omi díẹ̀ nígbà tí nẹ́pà bá mú iná lọ. Àwọn kékeré tó ń tan fúnra wọn, omi tó ń ṣàn díẹ̀ ló ń tan wọ́n. Bí ṣáwà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tánkì dọ́gba, wọn ò ní tan, onísúìṣì tó ń mọ agbára omi ni kí ẹ rà. Bóyá wọ́n á tún ta ayédèrú ìyẹn fún yín, èmi ò mọ̀ mọ́, gbogbo wọn ni mi ò gbà gbọ́ mọ́.

Nígbà tí mo gbé pọ́ǹpù náà padà, ọlọ́jà náà ní "garantí kì í kan iná nẹ́pà." Ó ní èmi ló jẹ́ kó jó. Mo fi lébẹ́ẹ̀lì méjèèjì hàn án, ó ń wo fóònù rẹ̀.

Ẹni tó bá ti ra irú èyí, ẹ pa iná rẹ̀ láti ìdí kí ẹ tó tún wẹ̀, kí ẹ sì pe oníná kó tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Nínú tèmi, wáyà ẹ́ẹ̀tì tó láwọ̀ ewé pẹ̀lú yẹ́lò, èyí tó yẹ kó gbé iná lọ sínú ilẹ̀, wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n gé e mọ́lẹ̀, kò kan irin kankan. Abẹ́ ṣáwà yẹn sì làwọn ọmọ mi ń wẹ̀.