Ta lẹ máa sanwó fún n'Íbàdàn: ọmọ tó ń bá Màmá gbé, àbí nọ́ọ̀sì tó ń yà wò wọ́n?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ jẹ́ ká fi ìyá tèmi wọn ọ̀rọ̀ yìí. Bódìjà ni wọ́n ń gbé, wọ́n ti pé ẹni ọdún 76, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ni wàhálà wọn. Ámlódípìn ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú oògùn tó ń mú ni tọ̀ dáadáa.

Ọmọ tó ń gbé inú ilé ni mo kọ́kọ́ gbà. Tó bá di òru, kò sẹ́ni tó dà bíi rẹ̀: bí Màmá bá yọ̀ ní balùwẹ̀, ó wà ńbẹ̀. Ó ń se oúnjẹ, ó ń fọṣọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ oògùn ju agbára rẹ̀ lọ. Bí àgbà bá ní òun ò ní í lò ó lónìí, kí ni ọmọ ogún ọdún ó wí?

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, Màmá náà ń pè wọ́n ní àǹtí. Wọ́n mọ̀ pé ẹsẹ̀ tó wú lè jẹ́ láti ara ámlódípìn, kì í ṣe ọ̀tá ló ta á sí wọn. Àmọ́ ní aago mọ́kànlá àárọ̀, wọ́n ti lọ, òru ò kàn wọ́n.

Ẹbí ńkọ́? Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ bá ìyá yín kékeré wí kẹ́ ẹ wò ó.

Ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá gbà, ẹ ní kó ka oògùn. Páálí oníhóró 30 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, tó bá di ọjọ́ 19 tí wọ́n ti lo tọjọ́ náà, 11 ló yẹ kó kù. Nọ́ọ̀sì wa bá 17 nínú oògùn ìtọ̀. Mẹ́fà ló ṣẹ́ kù láìlò, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ Àìkú àti Ọjọ́rú: Màmá ò fẹ́ kí ìtọ̀ gbọ̀n wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì! Dókítà ní ilé ìwòsàn UCH ní Oríta Mẹ́fà, níbi tí ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn àgbà wà láti 2012, ní kí wọ́n máa lò ó lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ méjèèjì yẹn.

Ẹ wo nọ́ńbà ìfúnpá náà. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kì í dúró sójú kan: 148/86 lónìí, 139/82 lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ ẹ bá ń rí 120/80 nígbà gbogbo, ilé ara rẹ̀ lonítọ̀hún ti ń kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń tọ́jú ìwọ̀n àtẹ̀yìnwá. Ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́ sójú fídíò.

Bí òbí yín bá ń wẹ̀ fúnra wọn, tí wọn ò sì gbàgbé iná lórí síítóòfù, nọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sanwó fún, kẹ́ ẹ wá ẹni tí yóò máa sùn tì wọ́n. Bí wọ́n bá ti ń ṣubú, ọmọ inú ilé ló ṣáájú. Owó iṣẹ́ ò gbọdọ̀ pọ̀ mọ́ owó oògùn: àkáǹtì ilé oògùn ni kẹ́ ẹ fi ti oògùn ránṣẹ́ sí tààrà.