Kí a tẹ̀lé ìlà fọ́tò, àbí kí a tún ajá náà yà?

Ọ̀rẹ́ mi tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ní Lágere, n'Ífẹ̀, fẹ́ kí ajá rẹ̀ di kàtúùnù tí yóò wà lára pátákó ìsọ̀ àti ọ̀rá ọjà. Ajá pupa ni. Funfun yí ojú òsì rẹ̀ ká, etí ọ̀tún sì dúdú ní ṣóńṣó.

A lè gbé fọ́tò sábẹ́ nínú ibisPaint, áàpù tí a fi ń yàwòrán lórí fóònù, kí a jẹ́ kó ṣá, kí a wá máa fa ìlà tẹ̀lé e lórí abala mìíràn. Ó yá, àmì ara kì í sì í kúrò láyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjìji náà ń bá a wọlé: òkùnkùn abẹ́ àgbọ̀n á di àmì tí ajá náà kò ní. Bí a bá ya fọ́tò látòkè, orí á tóbi, ẹsẹ̀ á sì kéré.

Èmi fara mọ́ kí a tún un yà. Obìrípo ni orí, etí jẹ́ onígun mẹ́ta. Mo mú kí funfun ojú náà fẹ̀ ju ti fọ́tò lọ, kí ojú lè hàn gbangba láàárín rẹ̀, mo sì fi àwọ̀ kan ṣoṣo kún ibi kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà mo sọ àwòrán di ìwọ̀n èékánná: bí funfun ojú àti dúdú etí bá ṣì yàtọ̀, ó tó tẹ̀ sára ọ̀rá.

Ẹ ṣọ́ra fún fọ́tò tí a fi kámẹ́rà iwájú yà. Ó lè yí òsì padà sí ọ̀tún, ẹni tó ni ajá á sì rí i kíá.