Ìmeèlì, Wasáàpù àti Àtẹ̀jíṣẹ́: Ohùn Wo Ló Yẹ Èwo?

Ká ní ilé ẹ̀kọ́ kan n'Íkẹ̀rẹ́-Èkìtì sún ìpàdé òbí láti ọjọ́ Ẹtì sí Sátidé.

Ìmeèlì sí alága ẹgbẹ́ òbí gba ohùn àgbà: “Alága wa ọ̀wọ́n, a kí yín. A ti sún ìpàdé sí Sátidé, aago 10 àárọ̀, nítorí ìdánwò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì kó tó di Ọjọ́rú.” Ẹni tí kò mọ̀ yín lè kà á lọ́la, ìdí abájọ gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀.

Lórí Wasáàpù, ẹ lè túra ká: “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin òbí wa. Ìpàdé ti di Sátidé, aago 10 o. Ẹ má bínú.” Àmọ́ ìtúraká kì í ṣe kí a máa pe àgbà ní “ìwọ”, àfojúdi nìyẹn.

Àtẹ̀jíṣẹ́ ló le jù, torí owó. Lẹ́tà 160 ló ń gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ bá tẹ ẹ, ọ tàbí ṣ, ó di 70. Àmì orí ọ̀ pàápàá ń gba àyè tirẹ̀. Ìkíni gígùn á sọ ọ̀kan di méjì, ìyẹn owó méjì fún òbí kọ̀ọ̀kan. Ohùn ṣókí ni mo fara mọ́: “Ẹ káàárọ̀ o. Ìpàdé òbí ti di Sátidé, aago 10. Ẹ ṣé.” Kò ju 51 lọ. Bí àyè bá tún fún, ìkíni ni kẹ́ ẹ gé, ẹ má gé “Ẹ ṣé” di “O ṣé.”