Bọ́ọ̀sì 14 gbé mi dé kóòtù, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí n wọ èyí tí kò débẹ̀

Aago 9 àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n kọ sínú ìwé tí kóòtù fi pè mí. N kò wọ bọ́ọ̀sì lọ sí apá ibẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n kọ sára pátákó ibùdókọ̀ ni pé bọ́ọ̀sì 14 máa ń kọjá ní ìṣẹ́jú 20 síra wọn, àti pé ìṣẹ́jú 35 ló fi ń dé kóòtù.

Mo kọ́kọ́ lọ dán an wò lọ́jọ́ Àìkú. Ìṣẹ́jú 31 ló gbà, inú mi sì dùn bí òmùgọ̀. Ta ló ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú? Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo ibùdókọ̀ ló ti dúró, àwọn ọmọ iléèwé ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ sì wà lójú títì. Ìṣẹ́jú 48 ló gbà.

Ṣùgbọ́n ìrìn ọjọ́ Àìkú náà wúlò fún nǹkan kan. Ẹ̀yìn ọgbà ni ibùdókọ̀ tí wọ́n ń pè ní Kóòtù wà, géètì ibẹ̀ sì máa ń wà ní títì. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ yóò fi ẹsẹ̀ rìn yípo ọgbà fún ìṣẹ́jú 7 kó tó kan ẹnu ọ̀nà tí ará ìlú ń gbà wọlé. N kò rí èyí lórí máàpù fóònù mi.

Mo wá ṣírò rẹ̀ láti ẹ̀yìn bọ̀. Mo fẹ́ jókòó nínú yàrá ìgbẹ́jọ́ ní 8:50. Mo fi ìṣẹ́jú 20 sílẹ̀ fún ìlà àyẹ̀wò ara àti báàgì, mo fi 7 fún ìrìn. Ó yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí 8:20. Bọ́ọ̀sì 7:45 ni pátákó sọ pé yóò bá a mu, ṣùgbọ́n èyí tó ṣáájú rẹ̀, ti 7:25, ni mo pinnu láti wọ̀, pé bí kò bá wá, ìkejì ṣì kù.

Ní 7:19, bọ́ọ̀sì kan dé. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè kí n tó bi awakọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ máa dé kóòtù?"

"Rárá o, 14A nìyí. A máa yà kí a tó débẹ̀. Ẹ dúró de èyí tí kò ní lẹ́tà."

Lẹ́tà kékeré yẹn, ìdọ̀tí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fún bọ́ọ̀sì 14 ní ìràwọ̀ 3 nínú 5.

Mo sọ̀ ní 8:13, mo dé ẹnu ọ̀nà ní 8:20. Ìlà àyẹ̀wò gba ìṣẹ́jú 14, nítorí bẹ́líìtì àti kọ́kọ́rọ́ ni oníkálukú ń yọ. Ká ní 7:45 ni mo wọ̀, tí òun náà sì rìn bíi tèmi, n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tò sórí ìlà ní 8:40.

Tí ẹ bá ń padà, ẹ má wá ibùdókọ̀ lódìkejì títì. Apá kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ń dojú kọ lójú títì náà, òpópónà tó tẹ̀ lé e ni bọ́ọ̀sì ń gbà bọ̀.